Wọ́n fi kan ẹ̀rọ, ó kọ̀. Wọ́n tì í bọnú ihò, ó gbà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí káàdì kan ní Peckham

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi

Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa kan ni, ní Peckham, níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Gàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti iṣu ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìgbà òtútù ọdún 2024 ni. Ẹ̀rọ káàdì kan wà lórí káńtà, wáyà kan sì so ó mọ́ tíìlì, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣirò owó tí Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù fi ń ta ọjà. Tíìlì ló ń sọ iye owó fún ẹ̀rọ káàdì, òun náà ló sì ń bá a gbé ọ̀rọ̀ lọ sí báǹkì. Mo ní kí ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ padà já sí.

Ẹjọ́ tí Àǹtí rò fún mi ni pé oníbàárà kan wà, màmá àgbàlagbà kan, tí káàdì rẹ̀ kì í gbà bó bá fi kan ẹ̀rọ. Owó ọjà ìbáà jẹ́ £4, ìbáà jẹ́ £20, ẹ̀rọ á dún, á sì kọ `DECLINED` sójú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ti káàdì kan náà bọ ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, tí màmá sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, kíá ló ń gbà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ lẹ́yìn màmá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ojú a máa tì í, nítorí àwọn tó tò sẹ́yìn á rò pé owó ò sí nínú àkáǹtì rẹ̀ ni.

Àǹtí ti pinnu ohun tó máa ṣe kí n tó dé. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiwèrè. Ẹ bá mi wá òmíràn." Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè kí n kọ́kọ́ wo ẹni tó ń kọ̀ gan-an, nítorí ẹ̀rọ, káàdì àti báǹkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lágbára láti sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojú ẹ̀rọ yìí sì ń lò fún kíkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ta ló ń kọ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ fura sí ni wáyà inú káàdì. Wáyà tín-ín-rín kan ló yí etí káàdì po lábẹ́ ike, òun ni eríàlì káàdì. Káàdì ò ní bátìrì. Bí a bá mú un sún mọ́ ẹ̀rọ tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, agbára tó ń jáde lára ẹ̀rọ ní 13.56 MHz ni wáyà yìí máa gbà láti fi jí ṣíìpù. Ihò ìsàlẹ̀ ò sì bá wáyà yìí da nǹkan kan pọ̀: irin aláwọ̀ wúrà tó wà lójú káàdì ló ń lò. Nítorí náà, bí ènìyàn bá jókòó lé pọ́ọ̀sì títí tí wáyà fi já, káàdì á ṣì máa ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ihò, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ bí a bá fi kan ẹ̀rọ.

Àmọ́ káàdì tí wáyà rẹ̀ ti já kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, iná ò ní tàn, kò ní dún, á kàn máa dúró de káàdì títí tí àkókò á fi kọjá. Ti màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ dún, iná rẹ̀ tàn, kó tó wá kọ̀. Kí ó lè dá mi lójú, mo gbé káàdì náà sẹ́yìn fóònù tó ń ka irú káàdì bẹ́ẹ̀. Fóònù béèrè `2PAY.SYS.DDF01`, ìyẹn àkójọ ohun tí káàdì lè fi sanwó láìwọnú ihò, káàdì sì dáhùn pẹ̀lú `A0000000031010`, tí í ṣe nọ́ńbà Visa. Ara wáyà le.

Mo fi káàdì tèmi kan ẹ̀rọ Àǹtí, ó gbà. Fóònù ọmọ tó ń bá wọn tajà, ó gbà. Mo bẹ màmá kí a jọ lọ sí ilé ìtajà oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a mú oògùn ikọ́, ó fi káàdì kan ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n kọ̀ ọ́ níbẹ̀ náà. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní kí ó tì í bọnú ihò. Mo sáré ní rárá, mo sì san owó náà ní kéṣì. Mi ò fẹ́ kí káàdì yẹn wọ ihò ẹ̀rọ mìíràn títí n óò fi ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ó ku káàdì àti báǹkì. Nǹkan méjì ló yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi. Èkíní ni àsìkò. Bí ẹ̀rọ bá ń bi báǹkì léèrè, ènìyàn á rí i lójú rẹ̀ pé ó ń pe ibì kan, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Ti màmá, kíkọ̀ náà wáyé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni pé kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Èkejì ni áàpù báǹkì tí ọmọ màmá fi sórí fóònù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí báǹkì bá kọ ìsanwó ló máa ń sọ fún un níbẹ̀. A wò ó, kò sí nǹkan kan. Màmá pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, ẹni tó gbé e sì sọ pé àwọn ò rí ìsanwó kankan tí wọ́n kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àti pé ìfikàn, ìyẹn fífi káàdì kan ẹ̀rọ láti sanwó, wà ní títàn lórí káàdì náà, kò sí ààlà tí wọ́n fi sí i ju ti gbogbo ènìyàn lọ.

Ibí yìí ni inú ti máa ń bí èèyàn. Wọ́n á ní báǹkì ń purọ́. Báǹkì ò purọ́ o: ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá ni. Mo tẹ rìsíìtì ti ṣọ́ọ̀bù jáde, èyí tó máa ń gùn ju ti oníbàárà lọ, mo sì rí `AAC` níbi tí káàdì ti ń kọ ìdáhùn rẹ̀. `AAC` ni ohun tí ṣíìpù máa ń fún ẹ̀rọ bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ̀. Bó bá fẹ́ kí wọ́n bi báǹkì ni, `ARQC` ni ì bá fún un. Lórí rìsíìtì ìgbà tí wọ́n tì í bọnú ihò, `TC` ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó gbà.

Káàdì ló ń kọ̀, nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe báǹkì.

Fún ẹni tí áàpù rẹ̀ bá fi kíkọ̀ náà hàn, ọ̀nà mìíràn ni kó gbà, ó sì sábà máa ń rọrùn ju èyí lọ. Kó wò ó bóyá ẹnìkan ti pa ìfikàn lórí áàpù, tàbí bóyá ó ti fi ààlà tirẹ̀ sí i, bíi £30, tó sì ti gbàgbé. Bí káàdì bá jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ báǹkì ò ní jẹ́ kí ìfikàn ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi nọ́ńbà àṣírí lò ó nínú ihò lẹ́ẹ̀kan. Ti màmá kò sí nínú ìwọ̀nyẹn.

Òǹkà tó wà nínú káàdì

Nígbà tí ìfikàn bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní 2007, £10 ni ó pọ̀ jù tí ènìyàn lè san lẹ́ẹ̀kan. Ó di £30 ní 2015, £45 ní April 2020 nígbà kòrónà, ó sì di £100 ní October 2021. Iye yìí ni gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé òfin mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2024 yẹn: bí àpapọ̀ owó tí a fi kan ẹ̀rọ láìtẹ nọ́ńbà àṣírí bá ti tó £300, tàbí bó bá ti di ẹ̀ẹ̀márùn-ún léra, báǹkì gbọ́dọ̀ ní kí ẹni tó ni káàdì fi hàn pé òun ni. Báǹkì ló máa mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi máa ń bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ńbà àṣírí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí búrẹ́dì lásán.

Níbo ni wọ́n ń kà á sí? Báǹkì kan lè máa kà á sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìfikàn á lọ dé báǹkì, báǹkì á sì dá èsì padà pé àfi nọ́ńbà àṣírí. `65` tàbí `70` ni ẹ óò rí nínú ìwé ẹ̀rọ. Báǹkì mìíràn á fi òǹkà náà sínú ṣíìpù gan-an. Bí òǹkà bá ti kún, káàdì kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rárá, á ti kọ̀ kó tó di pé wọ́n bi ẹnikẹ́ni. Ohun tí ti màmá ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ó yé mi dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti fi nọ́ńbà àṣírí lò ó nínú ihò, òǹkà yẹ kó padà sí òdo. Gbogbo ìgbà tí màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kò sì padà sí òdo. Ìyẹn ni ìṣòro tó wà nílẹ̀, kíkọ̀ kì í ṣe ìṣòro fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì. Bí a bá fi káàdì kan ẹ̀rọ, káàdì á sọ tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, oníbàárà á sì mú un kúrò. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó ń pe báǹkì. Nígbà tí báǹkì bá máa dáhùn, káàdì ti padà sínú pọ́ọ̀sì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ìfikàn, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò fi lè dá òǹkà padà sí òdo. Nínú ihò ẹ̀wẹ̀, káàdì jókòó síbẹ̀. Ó sọ tirẹ̀, ẹ̀rọ gbé e lọ sí báǹkì, báǹkì dáhùn, ẹ̀rọ sì gbé ìdáhùn náà padà wá bá káàdì kó tó ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ìdáhùn yẹn ní ọ̀nà méjì nínú. Apá kan wà fún ẹ̀rọ: gbà á, tàbí má gbà á. Apá kejì wà fún káàdì nìkan, òun ni àmì tí báǹkì fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣe, tí káàdì yẹn nìkan ló lè yẹ̀ wò. Ṣe ni ó dà bí àrokò: bí ìránṣẹ́ bá dé láìmú àrokò dání, ẹni tí wọ́n rán an sí lè fún un lóúnjẹ jẹ, ṣùgbọ́n kò ní ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Nínú ìwé ẹ̀rọ, nọ́ńbà `91` ni wọ́n fi ń mọ àmì náà. Báǹkì màmá ti kọ ọ́ sínú káàdì pé láìsí `91`, kí òǹkà má ṣe padà sí òdo. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí láìsí ìyẹn, olè tó bá ní ẹ̀rọ ayédèrú lè máa tan káàdì kí òǹkà lè máa padà. Kì í ṣe gbogbo báǹkì ló ṣe káàdì wọn báyìí.

Nítorí náà, ìsanwó inú ihò lè yọrí sí rere kí káàdì má sì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ báǹkì. Owó á lọ, rìsíìtì á jáde, òǹkà á wà níbi tó wà. Àbá ni ìyẹn ṣì jẹ́ lójú mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó yẹ kí n rí i.

Ọjọ́ Ẹtì: kíka káàdì

Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka ṣíìpù nínú ihò, irú èyí tí kò wọ́n rárá. Màmá jókòó tì mí ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò ní kó owó mi lọ báyìí?" Mo fi àwọn ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn án, mo sì ṣàlàyé pé ìbéèrè lásán ni wọ́n, wọn ò ní owó nínú, wọn ò sì béèrè nọ́ńbà àṣírí. Mo fi bébà lẹ nọ́ńbà ojú káàdì pa. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa.

```
00 A4 04 00 07 A0 00 00 00 03 10 10 00
80 CA 9F 36 00
80 CA 9F 13 00
80 CA 9F 17 00
```

Ìlà kìíní ló pe Visa jáde nínú ṣíìpù. Èkejì béèrè pé ìgbà mélòó ni káàdì ti bẹ̀rẹ̀ ìsanwó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ìfikàn àti ihò papọ̀, àti èyí tó gbà àti èyí tó kọ̀. Ẹ̀kẹta béèrè pé, nínú ìkà yẹn, ìgbà wo ni káàdì gbọ́ ìdáhùn báǹkì kẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin béèrè iye ìgbà tó kù tí wọ́n lè ṣi nọ́ńbà àṣírí tẹ̀ kí káàdì tó tì í pa. Mo fi yẹ̀ ẹ́ wò kí n má bàa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó má gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà àṣírí o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pọ̀ káàdì ń gbà, lẹ́yìn náà ilé ti wó. Kì í sì í ṣe gbogbo káàdì ló ń dáhùn ìlà kẹta. Àwọn kan á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Ti màmá dáhùn. `9F36` jẹ́ `01 3C`, ìyẹn 316. `9F13` jẹ́ `00 F7`, ìyẹn 247. Ìkà 69 ti kọjá láìgbọ́ ohùn báǹkì, bẹ́ẹ̀ ni màmá sì ń tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ nínú ihò yìí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nọ́ńbà àṣírí ò ní wàhálà kankan, mẹ́ta ló kù.

Màmá ra ẹja gbígbẹ ní £6.50, ó ti káàdì bọnú ihò ẹ̀rọ Àǹtí, ó tẹ nọ́ńbà, ó gbà. Mo tún un kà. `9F36` ti di 317. `9F13` ṣì jẹ́ 247.

Mo ní kí Àǹtí wá wò ó. Mo ní, "Ẹ wò ó, owó ti wọlé fún yín, báǹkì sì ti gbà, ṣùgbọ́n káàdì ò mọ̀ pé báǹkì sọ̀rọ̀." Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rọ ló gbé e mì ni?" Wọn ò jìnnà sí i rárá.

Èmi àti màmá wá rìn lọ sí ẹ̀rọ apọwó ní Rye Lane. Kò gbowó, ó kàn wo iye tó kù nínú àkáǹtì. A padà dé, mo kà á: `9F36` jẹ́ 318, `9F13` náà jẹ́ 318. Ó mú káàdì lọ sí káńtà, ó fi kan ẹ̀rọ Àǹtí lórí ata gígùn £2, ó dún, ó gbà. Màmá ní ṣé mo ti tún un ṣe ni. Mo ní rárá o, a kàn ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, nítorí bó bá tún fi kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mélòó kan sí i, òǹkà á tún kún, ihò ṣọ́ọ̀bù yìí ò sì ní lè dá a padà.

Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí káàdì wọ ihò ilé ìtajà oògùn nìyẹn. Bí ẹ̀rọ tiwọn bá ń gbé ìdáhùn padà bó ṣe yẹ, òǹkà ì bá ti lọ sí òdo níbẹ̀, a ò sì ní rí nǹkan kan kà mọ́.

Ibi tí ìdáhùn ti ń sọnù

Àwọn rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù tó gùn yẹn ní ìlà kan tí wọ́n ń pè ní `TSI`. Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, ó sì ń sọ àwọn iṣẹ́ tó ṣe lórí ìsanwó kan. Lórí ẹja gbígbẹ yẹn, ohun tó wà níbẹ̀ ni `E800`. Ó túmọ̀ sí pé ó yẹ káàdì wò bóyá ojúlówó ni, ó gba nọ́ńbà àṣírí, ó ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, káàdì náà ṣe tirẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni yíyẹ àmì báǹkì wò. Bó bá ṣe ìyẹn, `E` iwájú á di `F`, á jẹ́ `F800`.

Mo yọ wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ tíìlì. Ẹ̀rọ yẹn lè dá dúró, kó máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ láìgba ọwọ́ tíìlì kọjá. Màmá tún ra nǹkan kékeré, ó tì í bọnú ihò. `F800`. Mo dá wáyà padà, a ṣe òmíràn: `E800`. Ẹ̀rọ kan náà, káàdì kan náà, ọ̀sán kan náà. Ẹ̀rọ káàdì ò jẹ̀bi, báǹkì ò jẹ̀bi. Nǹkan tó wà láàárín ló ń gbé ìdáhùn mì.

Tíìlì máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó gbé kọjá, pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì tí wọ́n ti bò. Mo ṣí ti ọjọ́ náà. Bó ṣe rí nìyí, mo ti gé e kúrú:

```
0100  55: 9F26 9F27 9F10 9F36 95 9A
0110  38: ******  39: 00  55: -
```

Ìlà kìíní ni ohun tó lọ sí báǹkì, èkejì ni ohun tó padà. Àpótí `55` ni ilé ọ̀rọ̀ ṣíìpù. Nígbà tó ń lọ, ó kún. Nígbà tó padà dé ọwọ́ ẹ̀rọ, ó ṣófo; nọ́ńbà ìyọ̀ǹda àti `00` nìkan ló kù, èyí tó tó láti tẹ rìsíìtì. Àǹtí rántí pé wọ́n ti fi sọ́fútíwià tuntun sí tíìlì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, màmá náà sì ní kí ìgbà yẹn tó dé, káàdì òun ń gbà dáadáa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ màmá nìkan? Mo ro èyí fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà, inú kọ̀ǹpútà báǹkì wọn ni òǹkà wà, nítorí náà àpótí tó ṣófo kò kàn wọ́n. Àwọn tí òǹkà wọn wà nínú káàdì, ọ̀sẹ̀ ò ní parí kí wọ́n tó ti káàdì bọnú ihò níbòmíràn, níbi tí ìdáhùn ti ń dé, tí òǹkà á sì padà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Àwọn tó ń fi fóònù sanwó ò sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí ìka tàbí ojú tí wọ́n fi ṣí fóònù ti dúró fún nọ́ńbà àṣírí. Màmá yàtọ̀. Ìwé ìrìnnà ọ̀fẹ́ àwọn àgbà ló fi ń wọ bọ́ọ̀sì, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gbowó, ṣọ́ọ̀bù yìí sì nìkan ni káàdì náà ń bá a lọ. Ihò kan ṣoṣo ni káàdì yẹn mọ̀ láyé, ihò náà sì dití.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá fẹ́ ka `TSI` tirẹ̀: `E800` lórí káàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ `A0000000041010`, ìyẹn Mastercard, kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn káàdì yẹn sábà máa ń yẹ àmì báǹkì wò nínú ìbéèrè ìkẹyìn gan-an, ẹ̀rọ kì í sì í kọ ọ́ sí `TSI`. Ti Visa ni mo lè fi ẹnu sọ.

Àtúnṣe

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìsí wáyà. Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Àǹtí ní láti máa fi ọwọ́ tẹ iye owó sínú ẹ̀rọ, ohun tí kò sì bá ọjọ́ Àbámẹ́ta mu nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ ìtajà ti tẹ £85 fún ọjà £8.50, wọ́n sì ní láti dá owó padà. Àǹtí pè mí, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ìwòsàn ló máa pa aláìsàn.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni sọ́fútíwià tíìlì. Èsì àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ti retí: káàdì oníbàárà ló ní ìṣòro, kí ó pe báǹkì rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo fi rìsíìtì méjì ránṣẹ́, ti pẹ̀lú wáyà àti ti láìsí wáyà, tí aago wọn ò jìnnà síra, àti ìlà méjì yẹn láti inú àkọsílẹ̀ tíìlì tiwọn, mo sì béèrè nǹkan kan ṣoṣo: níbo ni àpótí `55` wà nígbà tó padà? Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlòmíràn dáhùn, ẹni tó mọ ohun tí `91` jẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà ìgbọ́rọ̀kọjá náà kọ, ohun tí rìsíìtì nílò nìkan ni wọ́n ń kó padà fún ẹ̀rọ. Àwọn ìdánwò wọn yege nítorí gbogbo ìsanwó ló gbà. Mo gbà á gbọ́. Irú àṣìṣe yìí kì í ké, owó sì ń wọlé.

Sọ́fútíwià tuntun dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo dá wáyà padà, mo pe màmá. Ó ti káàdì bọnú ihò, ó tẹ nọ́ńbà, rìsíìtì jáde pẹ̀lú `F800`. Mo tún káàdì kà lẹ́ẹ̀kan sí i: `9F13` àti `9F36` bára mu.

Ó ku nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé bí òǹkà màmá bá kún, káàdì á ṣì kọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ ihò, òfin nìyẹn, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ṣì ń kọ `DECLINED` níbi tó yẹ kó ti ní kí wọ́n ti káàdì bọnú ihò. Mo ti kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà, wọn ò tíì yí i padà. Títí dìgbà náà, mo ti lẹ bébà kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí ẹni tó ń tajà ti lè rí i: bí ẹ̀rọ bá kọ̀ kíákíá láìpe ẹnikẹ́ni, ẹ má ní kí wọ́n tún fi kàn án, ẹ ní kí wọ́n tì í bọnú ihò.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí kejì tó wà ní Lewisham. Tíìlì kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọn ò sì tíì fi sọ́fútíwià tuntun sí i. Mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú rìsíìtì gígùn káàdì Visa kan tó wọ ihò, kí n wo `TSI` rẹ̀ kí n tó lọ.